Ṣé "àṣẹ́kù" ni àbí "ìpín"? Ọ̀rọ̀ inú ímeèlì àtúndójútòfò ilé ńlá kan

Ìbéèrè, láti Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ àtúndójútòfò, àwọn tó ń bá wa gbé lára ewu tí a gbà, lórí ilé kan ṣoṣo ní Alágbàká, Akúrẹ́. Bílíọ̀nù 4 náírà ni iye rẹ̀. Mílíọ̀nù 500 la lè dì mọ́ra fúnra wa, àdéhùn ọdọọdún tí a bá ilé-iṣẹ́ àtúndójútòfò ṣe sì lè gba bílíọ̀nù 2. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ bá wa gba àṣẹ́kù bílíọ̀nù 1.5, ẹlẹ́yọ ni." Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tọ̀nà?

Olùkọ́ èdè kan

Wọ́n tọ̀nà. Àdéhùn ọdọọdún dà bí àká tí gbogbo àgbàdo ń wọ̀; èyí jẹ́ ilé kan péré, nítorí náà "ẹlẹ́yọ" bá a mu. Ohun tó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àká ti kún, kí la tún ń pè é bí kì í bá ṣe àṣẹ́kù?

Alágbàtà ìdójútòfò kan, Akúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "àṣẹ́kù" yóò dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá jó. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé títí àdánù yóò fi kọjá bílíọ̀nù 2.5, òun kò ní san kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pín in. Bílíọ̀nù 1.5 nínú 4 jẹ́ ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá yẹn náà ni wọn yóò sì gbà nínú owó ìdójútòfò, ìdá yẹn náà ni wọn yóò sì san nínú àdánù. Ẹ jẹ́ ká ní iná ba nǹkan mílíọ̀nù 800 jẹ́. Wọn yóò san mílíọ̀nù 300, àdéhùn ọdọọdún yóò san 400, ilé-iṣẹ́ yín yóò san 100. Ẹ kọ "ìpín", kí ẹ sì kọ ìdá náà sí ẹ̀gbẹ́ iye owó.

"Ẹlẹ́yọ" kò burú, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Nínú àdéhùn ọdọọdún, bí ilé bá ti wọ inú ohun tí ẹ jọ fọwọ́ sí, dandan ni kí ẹ gbé e lọ, dandan sì ni kí wọ́n gbà á. Níbí, ó wù yín lẹ fi lọ̀ wọ́n, wọ́n sì lè kọ̀. Mo dá "àtúndójútòfò ìfẹ́-inú" lábàá.

Nítorí pé wọ́n lè kọ̀, ẹ kọ ohun tí wọn yóò fi ṣe ìpinnu: àjà mélòó, kọnkéré ni àbí pákó, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ibo ni jẹnẹrétọ̀ àti dísù rẹ̀ wà, àdánù ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹ parí rẹ̀ báyìí:

"Ìpín tí a fi lọ̀ yín: ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìdá tí ẹ gbà àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Bí èsì bá jẹ́ "A ti rí i," wọn kò tíì gbà nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì gba ìdá 20 péré, ìdá 17.5 tó kù ṣì wà lọ́rùn yín. Mílíọ̀nù 700 nìyẹn lórí 500 tí ẹ dì mọ́ra. Ẹ tètè wá ẹlòmíràn kí ìdójútòfò ilé náà tó bẹ̀rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù kan, Ọjà Ọba

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ilé-iṣẹ́ méjì ni mo san owó fún lórí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé àtúndójútòfò ni mo ṣe yẹn? Bí iná bá jó, ṣé ẹni kejì ni kí n lọ bá?

Alágbàtà náà

Rárá o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bá àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn yẹn; ẹ sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹnì kejì wà, torí àdánù kan náà kò ṣeé gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ilé Alágbàká, onílé kò bá ilé-iṣẹ́ àtúndójútòfò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ni yóò lọ, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò gba ìpín ilé-iṣẹ́ àtúndójútòfò lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn.

Olùkọ́ èdè náà

Mo fi "àṣẹ́kù" sílẹ̀. Ìṣirò mílíọ̀nù 800 yẹn ti dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n "ìfẹ́-inú" kò tíì wọ̀ mí létí. Ẹni tó ń gbọ́ "ọrẹ àtinúwá" ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò rò pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á, bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n ń gbà. "Alásàyàn" ńkọ́?

Alágbàtà náà

"Alásàyàn" sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń gbà nìkan. Ẹni tó ń fi lọni náà ní ẹ̀tọ́ láti má fi lọ̀ ọ́. Títí a ó fi rí èyí tó gba méjèèjì, "ìfẹ́-inú" ni mo máa kọ.

Ẹni tó béèrè, Oǹdó

Mo ti yí i padà sí "ìpín, ìdá 37.5". Mo sì pa "ẹlẹ́yọ" rẹ́. Ìbéèrè mi tó kù ni mílíọ̀nù 500 tí a dì mọ́ra: "ìdìmọ́ra" ni mo kọ, ṣùgbọ́n ó ń dún bí ẹni tó ń di ẹrù.