Ìlà jíjá àbí ààlà àìkàmọ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ girama, mo sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń ya àìdọ́gba onílà tààrà, irú èyí tó ní àmì bíi < tàbí ≥, sórí gíráàfù. Oríṣi ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń já, ó ń so, èkejì kò já rárá. Kí ni kí n máa pè wọ́n? Apá ìlà tí wọ́n máa ń kùn ńkọ́? "Apá òkè" àti "apá ìsàlẹ̀" ló wà lọ́kàn mi.

Olùkọ́ èdè: "Ìlà jíjá" àti "ìlà gbọọrọ" ti tó. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ sọ lórúkọ, ọmọ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ tí ẹ mú wá náà dára. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwa náà nìyẹn: bí àmì bá jẹ́ <, ìsàlẹ̀ ìlà la ó kùn, bí ó bá jẹ́ >, òkè ni.

Olùkọ́ ìṣirò: Ẹ̀gbọ́n, mo gba "jíjá" lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ìlà jíjá náà gbọọrọ, rúlà kan náà la fi ń ya méjèèjì. "Ìlà àìjá" ni kí á fi kojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn ni n kò lè jẹ́ kó kọjá, nítorí ó ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú 2x − 3y < 6. Ká tó ya ààlà rẹ̀, a ó kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni pé apá méjèèjì dọ́gba: 2x − 3y = 6. Bí y bá jẹ́ 0, x á jẹ́ 3. Bí x bá jẹ́ 0, y á jẹ́ −2. Ẹ so (3, 0) mọ́ (0, −2), ìlà náà á máa gòkè bó ṣe ń lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ wá mú ibì kan tí kò sí lórí ìlà yẹn, kí ẹ fi dán an wò. (0, 0) ló rọrùn jù: 2(0) − 3(0) jẹ́ 0, 0 sì kéré sí 6 lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ (0, 0) la ó kùn nìyẹn. Níbo ló wà? Òkè ìlà ni, torí pé lábẹ́ rẹ̀, níbi −2, ni ìlà ti gba kọjá. Àmì < ni a kọ, òkè ni a sì kùn.

Ohun tó fà á ni −3 tó wà lára y. Ẹni tó bá fẹ́ kí y dá dúró gbọ́dọ̀ fi −3 pín in, ẹ̀yìn àmì á sì yí padà sí iwájú: y > (2/3)x − 2. Ìgbà tí y bá ti dá dúró báyìí lọ́wọ́ òsì ni òfin tí ẹ̀gbọ́n sọ ṣeé gbára lé. Ẹ tún wo x ≥ 4. Ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán ní òòró. Kí ni a ó pè ní òkè rẹ̀? Ọ̀tún àti òsì ló ní.

Olùkọ́ èdè: Mo ti rí i, mo yọwọ́ lórí òkè àti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò yọwọ́ lórí ìlà jíjá o.

Olùkọ́ ìṣirò: N kò ní kí ẹ yọwọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé "jíjá" kò sọ ìdí tó fi já. Ẹ gbé (3, 0) padà sínú ọ̀rọ̀ wa: 2(3) − 3(0) jẹ́ 6. Ṣé 6 kéré sí 6? Rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ibi yòókù lórí ìlà yẹn, kò sí èyí tó yege. Ìlà yẹn fi ibi tí ilẹ̀ pin sí hàn wá, òun fúnra rẹ̀ kò sí lára ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ≤ ni a kọ, gbogbo rẹ̀ ni à bá kà mọ́ ọn. Èyí ni mo ṣe dábàá "ààlà àkàmọ́" fún ìlà àìjá, àti "ààlà àìkàmọ́" fún ìlà jíjá.

Akọ̀ròyìn: Àkàmọ́ dùn létí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé èdè wa ti yanjú èyí ṣáájú gíráàfù. Bí mo bá ní "kò tó 6", 6 fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, torí 6 tó 6. Bí mo bá ní "kò ju 6 lọ", 6 wà níbẹ̀. Ẹ ka < ní "kò tó", kí ẹ ka ≤ ní "kò ju … lọ". Ọmọ tó bá ka ọ̀rọ̀ náà sókè á ti mọ irú ìlà tí yóò yà kó tó gbé pẹ́ńsù.

Olùkọ́ ìṣirò: Èyí dára gan-an ni. Ní òdìkejì, "ó ju 6 lọ" ni >, "ó tó 6" sì ni ≥. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣubú ni "kò ju 6 lọ": wọ́n á gbọ́ "ju", wọ́n á sáré kọ >.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Orí Desmos, ìkànnì tó ń ya gíráàfù, ni mo ti ń yà á. Mo tẹ èyí:

```
y <= 2x
```

Ó ya ìlà àìjá, ó sì kùn ún fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi (0, 0) dán an wò lórí ìwé, 0 ≤ 0 ni mo rí, òótọ́ sì ni. Ọ̀dọ̀ (0, 0) wo ni kí n wá kùn, nígbà tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá?

Olùkọ́ ìṣirò: Àbúrò, orí ààlà gan-an ni (0, 0) wà níbẹ̀. Ohun tó sọ fún ọ kò ju pé ààlà yẹn jẹ́ àkàmọ́. Mú ibòmíràn tí ìlà kò kàn, bíi (1, 0). 0 kò ju 2 lọ, òótọ́ ni, torí náà apá tí (1, 0) wà, lọ́wọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ni kí o kùn. Kí o tó dán ohunkóhun wò, kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà kan dá dúró láìsí x tàbí y lára rẹ̀. Bí kò bá sí, ìlà náà ti gba (0, 0) nìyẹn.

Olùṣirò owó tó ti fẹ̀yìn tì: Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó ń yà mí lẹ́nu. Apá tí a kò fẹ́ ni wọ́n kọ́ wa pé ká kùn! Ibi tó bá mọ́ ni ìdáhùn.

Olùkọ́ ìṣirò: Ẹ kò ṣì í, bàbá. Ọ̀nà méjèèjì ló wà nínú ìwé. Nígbà tí àìdọ́gba bá pé mẹ́ta sórí gíráàfù kan, kíkùn ibi tí a fẹ́ á di ìlà lórí ìlà, èèyàn á máa wá ibi tó dúdú jù. Bí a bá kun ibi tí a kò fẹ́, ojútùú á dá wà ní mímọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ ká pe ibẹ̀ ní "apá kíkùn". "Apá ojútùú" kò ní yí padà, yálà a kùn ún tàbí a kò kùn ún.

Olùkọ́ èdè: "Ojútùú" kẹ̀? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni etí máa ń gbọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó yege nínú apá yẹn kò lóǹkà. "Apá ìtẹ́wọ́gbà" ló yẹ ẹ́.

Akọ̀ròyìn: Ìtẹ́wọ́gbà ti gùn jù fún etí gíráàfù.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ púpọ̀. "Ìlà jíjá" ni mo máa lò níbi tí mo bá ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń yà á, "ààlà àìkàmọ́" níbi tí mo bá ti ń sọ ìdí rẹ̀. Màá kọ ọ́ sábẹ́ gíráàfù kọ̀ọ̀kan bóyá ibi tí a fẹ́ ni a kùn tàbí ibi tí a kò fẹ́. Mo ṣì ń dúró de orúkọ apá yẹn o. Olóòtú fẹ́ orúkọ kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, n kò sì tíì lè yàn láàárín ojútùú àti ìtẹ́wọ́gbà.