Àwọ̀n ojú egúngún àti fíláàṣì: ẹ sọ ìrírí yín

Onífọ́tò Ọjà Ọba: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń tẹ fọ́tò. Ilé kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wá lẹ́yìn ọdún egúngún wọn. Wọ́n ti ya egúngún náà láàárọ̀, wọ́n ya á lọ́sàn-án, àwọn ọmọdé dúró tì í, kò sẹ́ni tó bínú. Ìgbà tá a tẹ̀ ẹ́ tán ni bàbá kan fi ìka lé ewé oṣù kẹwàá, ó ní, “Ta ló ya èyí?” Mo gbé e súnmọ́ iná kí n tó rí i: imú àti ẹnu èèyàn hàn lẹ́yìn àwọ̀n. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó jáde. Kí ló dé tí àwọn yòókù ò dùn wọ́n, tí èyí wá di ọ̀ràn?

Ọmọ Ìjọmu: Wọn ò gbọdọ̀ ya egúngún rárá ni. Kámẹ́rà ń gba ẹ̀mí. Ní Òǹdó, ojú mi ni àtọ́kùn ṣe gba fóònù ọmọkùnrin kan, wọn ò sì dá a padà kó tó di alẹ́.

Bàbá Àtọ́kùn: Rárá o, ọmọ mi. Kì í ṣe kámẹ́rà ni wọ́n ń bá jà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń mú àtòrì tẹ̀lé egúngún ilé wa, wọ́n sì ń ya á. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí ara èèyàn hàn. A rán aṣọ bo ẹsẹ̀, ọwọ́ wà nínú aṣọ, àwọ̀n nìkan ni ẹni tó wà nínú ẹ̀kú fi ń ríran, ohùn rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nílé. Bó bá ti jáde, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kì í jáde lẹ́nu wa mọ́. Ará ọ̀run là ń kí.

Mo rí obìnrin ilé kan ní Òkè Àró tó kúnlẹ̀, tó ń sunkún pé òun ń wá ọmọ. Egúngún súre fún un. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀kú lọ́jọ́ náà, ọmọ tó ń bá a gbé jẹnẹrétọ̀ jáde lálaalẹ́. Kò dá mi lójú pé obìnrin náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kúnlẹ̀ fún. Bí ẹ bá wá gbé imú ọmọ yẹn síta, ta ni ẹ ní ó súre fún un?

Ní ti tiyín, onífọ́tò, bóòrùn bá ń ràn, inú ẹ̀kú ṣókùnkùn ju ìta lọ, ojú kì í gba àwọ̀n kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tẹ́nì kan súnmọ́ ọn, tó tan fíláàṣì sí i, iná á wọlé, á bá ojú èèyàn.

Onífọ́tò Ọjà Ọba: Ìrọ̀lẹ́ ni lóòótọ́, bàbá. Ẹni tó ya á tún mú kó mọ́lẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi dá sí tèmi. Wọ́n ya mí níbi ìnáwó ní Òǹdó láìgbàṣẹ, wọ́n fi polówó gèlè. Ẹgbàá náírà pàápàá ò kàn mí níbẹ̀!

Ọmọ Ìmẹ̀kọ: Ìyá, ìyẹn yàtọ̀ o. Ní ìlú ìyá mi, bó bá rẹ oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó lè sọ igi orí rẹ̀ kalẹ̀ kó nu òógùn, wọ́n á sì pe orúkọ rẹ̀ yìn ín. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ohun tó bo ojú ṣe ará ọ̀run.

Nọ́ọ̀sì Yaba: Ṣé ẹ̀kú tó wúwo nínú oòrùn yẹn ò lè pa èèyàn? Wọ́n gbé ọ̀kan wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó ti dákú. Àwọn ọkùnrin na ìró yí i ká kí wọ́n tó bọ́ ọ. Ẹnì kan na fóònù gba òkè ìró, ó gbé fídíò síta, ó sì kọ orúkọ ọmọ náà sí i. Orúkọ yẹn dun ilé wọn ju ojú lọ. Èmi rò pé ẹ̀mí ló ṣáájú.

Bàbá Àtọ́kùn: Ẹ̀mí ló ṣáájú. Ẹ bọ́ ọ, ẹ fún un lómi. Ìró yẹn gan-an la ní kí wọ́n na.

Ọmọ Ìjọmu: Èmi ò tíì gbà pé kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan.

Onífọ́tò Ọjà Ọba: Wọ́n ti ní kí n tún ewé oṣù kẹwàá tẹ̀, ẹni tó ya á ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Èyí tí wọ́n ti pín kí bàbá tó rí i ńkọ́?

Bàbá Àtọ́kùn: Ẹ bi ilé yẹn. Àwọn kan á ní kí ẹ sun ún, àwọn kan á ní kí ẹ kó o wá fún àwọn. Kò jọra láti ilé sí ilé.