Yèyé wa àti abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà

Ọmọ Ìjerò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìrírí àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lẹ ní ká mú wá, tiwa rèé. Ìyá tó bí màmá mi ni. Ìjerò ló ń gbé, Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é. Ó pẹ́ tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra, oògùn oníhóró ló ń lò sí i. Lọ́dún tó kọjá, hóró kò ràn án mọ́. Ó ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, aṣọ ń tú lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣú. Dókítà ní ó di abẹ́rẹ́ insulínì, ìwọ̀n 10 lórí sírínjì insulínì ní àràárọ̀, kó tó jẹun.

Yèyé dìde lórí àga, ó ní ká máa lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìgò oògùn náà fi wà nínú fíríjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú, pásítọ̀ wá gbàdúrà. Èmi náà lọ sọ̀rọ̀ òpònú, mo ní, "Yèyé, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Ó ní ikú tí mo fi ń dẹ́rù bà á, ọ̀rẹ́ òun ni.

Ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé láti Adó. Ìyàwó àbúrò màmá mi ni, ìyẹn ni pé ìyàwó ilé ni fún Yèyé. Kò mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ rárá. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gúnyán, wọ́n jẹun tán, kó tó fa àpótí jókòó tì í. "Yèyé mi, kí lẹ ti rí lára abẹ́rẹ́?"

Ohun tí Yèyé sọ lọ́jọ́ náà, màmá mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí. Ó ní òun bí ọmọ kan tẹ̀lé màmá mi. Ara ọmọ náà gbóná, wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, sírínjì onígíláàsì wà nínú agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Kúníìnì ló gún sí ọmọ náà nídìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ kan ti rọ, ọ̀pá ni ọmọ náà fi rìn títí tó fi kú. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dì í mú fún un."

Àǹtí kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní, "Yèyé, ó ń ṣẹlẹ̀. Okùn iṣan ńlá kan gba àárín ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ìdí ọmọdé kò lẹ́ran, abẹ́rẹ́ tí wọn ò bá gún síbi tó yẹ lè bá okùn yẹn, kúníìnì sì máa ń jó o. Ó sì lè jẹ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló ti wà lára rẹ̀, tó jẹ́ òun ló mú ara rẹ̀ gbóná. Èwo ló jẹ́ nínú méjèèjì, mi ò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yín ló ṣe é." Yèyé fi etí aṣọ nu ojú, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí yọ sírínjì insulínì jáde, èyí tí ìdérí rẹ̀ láwọ̀ ọsàn. Ó fi abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ wé ọmọńdinrín Yèyé, kò tó ìbú rẹ̀. Ó ní kò ní dé ìdí rárá, inú ọ̀rá ikùn ló ń lọ, kí ó jìnnà tó ìka méjì sí ìdodo, kí a máa pààrọ̀ ibi tí a ń gún kí ojú kan má baà le bí kókó. Ó mú tuntun kan tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, ó ká bùbá sókè, ó gún ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa Yèyé, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lọ́ràá, èmi dà?"

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bàbá tó wà lójúlé kejì. Yèyé ní gbàrà tó bẹ̀rẹ̀ insulínì ni wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kú. Àǹtí kàn bi í léèrè ni: "Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, abẹ́rẹ́ ló ṣáájú ni àbí egbò?" Yèyé ronú. Ó ní egbò ni, láti ìgbà ìkórè kòkó ló ti ń fi ewé dì í. Ìgbà tó ń rùn ni wọ́n tó gbé e lọ. Àǹtí kò fi kún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé ìgò náà wá. Funfun inú oògùn náà ti rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Àtẹ́lẹwọ́ ni Àǹtí fi yí i títí tó fi funfun bákan náà, kò mì í jìgìjìgì.

Mi ò ní purọ́, kò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a gún un tán, Àǹtí sì ti sọ pé láàárín ìdajì wákàtí ló gbọ́dọ̀ jẹun. Àmọ́ iyán ni Yèyé fẹ́ jẹ, iṣu kò tíì kúrò lára èèpo! Àlejò tún dé. Láìpẹ́ òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pe èmi ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ ti fẹ́ pa á. Lórí fóònù, Àǹtí ní tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ká po horo ṣúgà mẹ́rin sómi fún un, tí ojú rẹ̀ kò bá là lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ká tún un ṣe, kó tó jẹun gidi. Ojú rẹ̀ là. Àǹtí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun sọ ìdajì wákàtí, òun kò ronú bí iyán ṣe ń pẹ́ tó.

Àdùkẹ́ Ìkéré

Ẹ kú ewu o. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ti ọmọ yẹn, abẹ́rẹ́ kì í rọ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ sì máa fi oògùn yẹn síbi tí yìnyín ti ń dì, nítorí iná tó ń lọ.

Ìyá Ẹfọ̀n

Níbo ni mo ti lè rí nọ́ọ̀sì yìí? Ọmọ mi ọdún méjì ń ké bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní àjẹsára.

Bàbá Ìbejì

Ẹ kíyè sí sírínjì yẹn o. Ìgbà tí tiwa tán, ìyàwó mi fi sírínjì lásán fa oògùn màmá mi. Ó rí 1 lára rẹ̀, ìyẹn mílílítà kan, ó rò pé òun ni 10 tí dókítà kọ. Ìgò tiwa, ìwọ̀n 100 ló wà nínú mílílítà kan, ó wá di ìlọ́po mẹ́wàá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbé e sórí omi ṣúgà. Ọpẹ́ ni.

Ọmọ Ìjerò

Ìyá Ẹfọ̀n, ti àgbà là ń sọ, ẹ má bínú. Àdùkẹ́, mo bi Àǹtí nípa ti yìnyín: èyí tó bá ti dì, kódà kó yọ́ padà, ká dà á nù. Tí iná bá lọ, ìgò tí a ti ṣí wà nínú ìkòkò amọ̀ tí a gbé sínú yanrìn tútù, oṣù kan péré ni a ń lò ó. Ti ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, abẹ́rẹ́ náà lè rọ èèyàn lẹ́sẹ̀ bí Àǹtí ṣe sọ; èwo ló jẹ́ nínú méjèèjì, a ò lè mọ̀, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Yèyé ṣì ń gba abẹ́rẹ́. Láràárọ̀, kó tó gbé bùbá sókè, ó ń pariwo sí ilé ìdáná: "Ṣé iṣu yẹn ti jinná?" Tí a kò bá dáhùn, kò ní jẹ́ ká sún mọ́ ọn.