Ẹ̀yin télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, apá aṣọ yìí ń hunjọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ n'Íbàdàn, mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ wo bí ọdún yìí ṣe lọ.

Jánúárì: bọ́tìnnì, hẹ́ẹ̀mù, kí n gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Épírì: bébà sìmẹ́ńtì ni mo fi ń kọ́ gígé.

Ọ́gọ́ọ̀sì: kò síná, epo jẹ́nẹ́ wọ́n, ọ̀gá mi sì ń kanra (ta ni ò ní kanra?).

Nòfẹ́ńbà: wàhálà dé. Gáùn ańkárá, pátánì ọ̀gá ni mo fi gé e, ihò apá jẹ́ ínṣì 18, orí apá tó máa wọ inú ẹ̀ 19½. Ínṣì kan àtààbọ̀ lé, ańkárá ò sì rọ̀ bíi kírépù, mo fa okùn sí i, mo lọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó hunjọ léjìká. Ọ̀gá ní kí n máa fà á lọ, sínọ̀ mi ní kí n gé orí apá náà wálẹ̀ kó ku bí ínṣì kan péré tó lé, ṣùgbọ́n tí mo bá gé e wálẹ̀ jù, ṣé kò ní kóra jọ lábẹ́ abíyá? Àbí kí n dín fífẹ̀ apá kù? Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é, báwo ni mo sì ṣe máa sọ fún ọ̀gá pé pátánì ni, tí ò ní dàbí àfojúdi?