Dísìkì kan kú nínú NAS wa, òmíràn sì ń fì: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé iṣẹ́ fọ́tò wa ní Bódìjà, Ìbàdàn, ń lo NAS onídísìkì mẹ́rin, RAID 5. Dísìkì kẹta kú. `/proc/mdstat` ń fi `[UU_U]` hàn. Àwọn fáìlì ṣì ń ṣí.

Mo ti ra dísìkì tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti tì í wọlé, torí `Current_Pending_Sector` dísìkì kejì ti di 8. Àtúntò yóò ka gbogbo dísìkì tó kù látòkèdélẹ̀. Bó bá kọsẹ̀ níbẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó àwọn oníbàárà lè bá a lọ.

Ṣé kí n kọ́kọ́ kó fáìlì sórí dísìkì ìta, àbí kí n pa NAS, kí n fi `ddrescue` ṣe àdàkọ dísìkì kejì ná? Iná ń lọ lemọ́lemọ́ níbí, bátìrì wa kì í sì í pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.