Ilẹ̀ tí mo fẹ́ tà ní Mówè, kí ni kí n fi síta?

Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ ta púlọ́ọ̀tì kan ní Mówè, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Google Maps tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ìkóríta ni mo tẹ̀, ẹni tó wá ò rílẹ̀, ló bá bínú lọ. Ẹlòmíì ní òun fẹ́ fídíò láti títì ọ̀dà dé orí ilẹ̀ gan-an, kóun lè mọ̀ bóyá típà yanrìn á lè wọlé lásìkò òjò (ká sòótọ́, ibì kan máa ń rì díẹ̀ níbẹ̀, ṣé kí n sọ ọ́?). Èyí tó wá rú mi lójú ni sọ́fè, wọ́n fẹ́ rí nọ́ńbà òpó ààlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń bá wọn wọnlẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ṣé kí n gbé gbogbo ẹ̀ síta ni, àbí ẹni tó bá múra àtirà nìkan ni kí n fún, kí gbájúẹ̀ má lọ fi tà á fẹ́lòmíì?