XRP dé àdírẹ́sì ilé ìpààrọ̀, kò wọ àkáǹtì mi: ta ló ti rí irú èyí rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo wà. Àbúrò mi ní Ìsánlú fi XRP 85 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi ní ilé ìpààrọ̀ owó kírípítò kan, láti wọ́lẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀. Àdírẹ́sì pé, ṣùgbọ́n ó fi àyè Destination Tag sílẹ̀ lófìfo. Àdírẹ́sì kan náà ni ilé ìpààrọ̀ yìí ń lò fún gbogbo oníbàárà. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà ní àyè Tag yẹn ló máa fi hàn pé tèmi ni. Mo wò ó lórí XRPSCAN, tesSUCCESS ló wà níbẹ̀. Owó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò kàn mọ ẹni tó ni ín.

Mo ti fún wọn ní TXID, iye owó àti nọ́ńbà Tag mi. Wọ́n wá ní kí àbúrò mi fi XRP díẹ̀ ránṣẹ́ láti wọ́lẹ́ẹ̀tì kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà mi lọ́tẹ̀ yìí, kó lè hàn pé òun ló fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi, àmọ́ ẹ̀rù ń ba ọmọ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tiyín? Ṣé wọ́n yọ owó iṣẹ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí wọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi o. Ẹnìkan ti dán an wò láàárọ̀.